Ọ̀fun Dídùn: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Fáírọ́ọ̀sì Ni Tàbí Sítírẹ́ẹ̀pù

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá méjì mú ọmọ tí ọ̀fun ń dùn wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin ọdún 16 ni ti ẹni àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ti fi iná fóònù wo ọ̀fun rẹ̀ nílé, ó sì ti rí nǹkan funfun lára tọ́ńsílì rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó, ó ti ń ṣe ọyún. Ẹ fún un ní àńtíbáyótíìkì." Ìyá kejì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má bínú bí òun bá yọ wá lẹ́nu lásán: "Ọ̀fun rẹ̀ kàn pupa ni, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀." Ọmọkùnrin ọdún 9 ni tirẹ̀. Nígbà tí a yẹ àwọn méjèèjì wò tán, ọmọkùnrin yìí ni sítírẹ́ẹ̀pù wà lára rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fun dídùn lọ́pọ̀ ìgbà, àńtíbáyótíìkì kò sì lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Bakitéríà ni sítírẹ́ẹ̀pù ní tirẹ̀. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ara àwọn mìíràn, pàápàá ọmọdé, lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ibà rumátíìkì nìyẹn, èyí tó lè ba àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Nítorí èyí ni a ṣe ń fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ní 1981, dókítà Rọ́bátì Sẹ́ńtọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àmì mẹ́rin jọ tí a fi ń díwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe tó pé sítírẹ́ẹ̀pù ni: ibà, àìsí ikọ́, kókó ọrùn tó wú tó sì ń dùn, àti bí tọ́ńsílì ṣe rí. Máàkì kan ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọjọ́ orí kún un: ọmọ ọdún 3 sí 14 gba máàkì kan sí i, ẹni ọdún 15 sí 44 kò gba nǹkan kan, ẹni tó ti pé 45 sókè, a yọ máàkì kan kúrò nínú tirẹ̀. Sítírẹ́ẹ̀pù kò wọ́pọ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, nítorí náà a kì í fi ìwọ̀n yìí díwọ̀n wọn.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ rárá

Wo bí onítọ̀hún ṣe ń mí àti bó ṣe ń gbé itọ́ mì. Bí itọ́ bá ń ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé kò lè gbé e mì, bí èémí rẹ̀ bá ń dún nígbà tó bá ń mí sínú, bí kò bá lè la ẹnu dáadáa, tàbí bí ohùn rẹ̀ bá ń jáde bí ti ẹni tó ní oúnjẹ gbígbóná lẹ́nu, má fi nǹkan kan kan ọ̀fun rẹ̀. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọyún lè ti gbá jọ sẹ́yìn tọ́ńsílì, tàbí kí ọ̀nà èémí máa wú.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: bèèrè nípa ikọ́

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló gbà. Fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dúró lójú kan. Ó máa ń gba imú, ọ̀fun, àpótí ohùn àti ẹ̀dọ̀fóró kiri, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní in fi ń wúkọ́, tí ó ń sín, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tí ohùn rẹ̀ sì ń há. Ọ̀fun ni sítírẹ́ẹ̀pù máa ń jókòó sí ní tirẹ̀. Bí ikọ́ bá wà, kò sí máàkì. Bí kò bá sí, máàkì kan.

Fi ọ̀rọ̀ wá a dáadáa. Kí ènìyàn máa ha ọ̀fun nítorí pé nǹkan ń rìn ín níbẹ̀ kì í ṣe ikọ́. Bèèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Sítírẹ́ẹ̀pù sábà máa ń dé lójijì: ọmọ tó ń ṣeré ní ọ̀sán lè máa sunkún ọ̀fun kí ilẹ̀ tó ṣú, nígbà mìíràn pẹ̀lú orí fífọ́ àti inú rírun. Ti fáírọ́ọ̀sì máa ń yọ́ wọlé, imú á kọ́kọ́ dí, ọ̀fun á wá tẹ̀ lé e. Bí ohùn híhá, imú tó ń ṣomi, ojú pípọ́n tàbí ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ nínú ẹnu bá wà pẹ̀lú ikọ́, fáírọ́ọ̀sì ni a ó kọ́kọ́ fura sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: wọn ibà

Ohun tí a ń wá ni ibà tó ju 38°C lọ. Fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, má fi ẹ̀yìn ọwọ́ ṣe é. Bí ẹnu lo bá fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, jẹ́ kí ó tó ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán lẹ́yìn tó bá ti mu ohun tútù tàbí gbígbóná. Abíyá máa ń fi iye tó dín díẹ̀ hàn.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ níbí ni parasitamọ́ọ̀lù. Ọmọ tó lo ó ní wákàtí méjì sẹ́yìn lè wà ní 37.2°C kí ìyá rẹ̀ sì ní kò ní ibà. Bí o bá ti wọn ibà tó ju 38°C láàárín wákàtí 24 tó kọjá, ó ní máàkì, kódà bí ara rẹ̀ bá ti tutù báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fọwọ́ kan ọrùn

Jẹ́ kí ó jókòó, kí o dúró níwájú rẹ̀. Ní kó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Iṣan gbọọrọ kan á yọ, tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀kalẹ̀ wá sí òkè àyà. Fi ìka méjì tàbí mẹ́ta tẹ abẹ́ igun àgbọ̀n rẹ̀, níwájú iṣan yìí, ní rọra. Ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí o lè fi wọ́n wéra.

Ọ̀pọ̀ ọmọdé ní kókó kéékèèké ní ọrùn láìṣàìsàn, nítorí náà kókó nìkan kò tó. Kí ó wú, kí ó sì dùn ún nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ ni a ń wá. Má bi í pé "Ó ń dùn ọ́ àbí?", torí ọmọdé á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ni kí o máa wò bí o bá ń tẹ̀ ẹ́.

Bí kókó bá pọ̀ lẹ́yìn ọrùn, lẹ́yìn iṣan yẹn, nǹkan mìíràn lè wà ńbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan tí a mọ̀ sí Ẹ́pístáìnì-Báà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ó máa ń mú kí ó rẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tọ́ńsílì wọn á sì funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá wò ó á búra pé sítírẹ́ẹ̀pù ni. Bí wọ́n bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní amọksisilínì, gbogbo ara rẹ̀ lè sú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wo ọ̀fun

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí sí ìkẹyìn, torí ojú ló ń tan ni jẹ jù. Wá iná tó mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí ó la ẹnu, kí ó sọ pé "àá". Bí ahọ́n bá dí ọ lójú, fi ìdí ṣíbí mímọ́ tẹ iwájú rẹ̀ dé àárín. Bí o bá kọjá ibẹ̀, èébì á gbé e.

Tọ́ńsílì ni àwọn ẹran méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ní ẹnu ọ̀nà ọ̀fun. Bí wọ́n bá wú, tàbí tí ìlà funfun tàbí nǹkan tó jọ ọyún bá bò wọ́n, máàkì kan. Pípupa nìkan kò ní máàkì, torí gbogbo ọ̀fun tó ń dùn ló lè pupa. Àmì tó-tò-tó pupa lókè ẹnu níhà ẹ̀yìn máa ń mú kí n fura sí sítírẹ́ẹ̀pù sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ara tó sú wẹ́wẹ́ tó le bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó tí a bá fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ohun funfun lára tọ́ńsílì kì í ṣe ẹ̀rí. Fáírọ́ọ̀sì púpọ̀ máa ń ṣe é.

Bí a ṣe ka máàkì àwọn ọmọ méjì yẹn

Ọmọbìnrin náà ń wúkọ́ láti ọjọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ há, imú rẹ̀ ń ṣomi. Ibà rẹ̀ jẹ́ 37.5°C, kò sì tíì lo oògùn kankan. Ọrùn rẹ̀ kò dùn ún. Ohun funfun yẹn nìkan ló fún un ní máàkì kan, ọjọ́ orí rẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un. Máàkì 1 péré.

Ibà ọmọkùnrin náà jẹ́ 38.8°C, kò wúkọ́ rárá, ó sì fa orí sẹ́yìn nígbà tí mo tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Tọ́ńsílì rẹ̀ pupa lásán, kò wú, kò funfun. Mẹ́ta nìyẹn, ọjọ́ orí rẹ̀ sọ ọ́ di 4.

Ẹni tó gba 0 tàbí 1, sítírẹ́ẹ̀pù kò wọ́pọ̀ lára rẹ̀, a kì í sì sábà yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 2 tàbí 3 lọ sókè, àyẹ̀wò ló tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó tilẹ̀ gba 4 tàbí 5, bíi ìdajì irú wọn ni sítírẹ́ẹ̀pù ń wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí máàkì fi ń sọ ẹni tó yẹ kí a yẹ̀ wò, tí kò sì ń sọ ẹni tó yẹ kó lo oògùn.

Òwú orí igi ni a fi ń nu tọ́ńsílì méjèèjì àti ẹ̀yìn ọ̀fun fún àyẹ̀wò náà. Èyí tó yá máa ń gbé èsì jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ó bá ní kò sí nǹkan lára ọmọdé, wọ́n lè fi òwú mìíràn gbin bakitéríà ní ilé àyẹ̀wò fún ọjọ́ kan sí méjì, kí wọ́n lè rí èyí tí àkọ́kọ́ fò. Kò sí ewu nínú dídúró bẹ́ẹ̀: bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 9 tí ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó ṣì ń dènà ibà rumátíìkì. Ohun tó ń ba àyẹ̀wò jẹ́ ni àńtíbáyótíìkì tó ṣẹ́ kù nílé tí ènìyàn kọ́kọ́ gbé mì.

Èsì ọmọkùnrin náà fi hàn pé sítírẹ́ẹ̀pù wà. Dókítà kọ amọksisilínì ọjọ́ 10 fún un. Ní ọjọ́ kejì ibà ti lọ, ìyá rẹ̀ sì pè láti bèèrè bóyá òun lè dá oògùn dúró. Mo ní rárá, kí ó lò ó pé ọjọ́ 10, torí ara lè yá kí bakitéríà tó kúrò lọ́fun tán.

Ọmọbìnrin náà gba parasitamọ́ọ̀lù, omi púpọ̀ àti ìsinmi. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀fun náà yẹ kó rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé ikọ́ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé kí wọ́n padà wá bí ibà bá gòkè, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ju èkejì lọ, tàbí bí kò bá lè mu omi. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá náà ní ohun funfun yẹn ti lọ, ikọ́ nìkan ló kù.