Aago Kan Ló Wà fún Iṣẹ́ Mẹ́rin: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Múra fún JAMB

Tí àsìkò JAMB bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìbéèrè àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà ọmọ yìí." Wọ́n á sanwó, wọ́n á dúpẹ́. Tó bá fi máa pé oṣù kan, ọmọ náà á ti dáhùn ìbéèrè tí ò lóǹkà, àmọ́ kò ní tíì jókòó ṣe odindi ìdánwò kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi.

Èkínní, ẹ yé ra áàpù mẹ́ta. Ìbéèrè kan náà ló wà nínú wọn.

Èkejì, ẹ má há lẹ́tà sórí. Mo bi ọmọ kan ìdí tó fi mú C, ó ní, "C náà ló máa ń jẹ́."

Ẹ̀kẹta gan-an ló ń mú mi kọ̀wé yìí. Ìbéèrè 180 ni UTME tí JAMB ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40-40. Wákàtí méjì ni gbogbo ẹ̀, aago ẹyọ kan ló sì ń kà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé àkókò Gẹ̀ẹ́sì ti tó. Àmọ́ báwo làwọn ọmọ wa ṣe ń múra? Mátíìsì lónìí, wákàtí kan gbáko. Físíìsì lọ́la, wákàtí kan mìíràn. Ibo lẹ ti fẹ́ rí wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ ìdánwò?

Ọmọbìnrin kan wá lọ́dún kan, ó ń gba 34 nínú 40 ní Mátíìsì nílé, inú ìyá rẹ̀ ń dùn. Mo ní kó jókòó, mo ṣí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ fún un, mo sì fa àga sẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ó ka àyọkà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú 48 ló lò kó tó kúrò níbẹ̀. Ó bọ́ sí Mátíìsì, ìbéèrè kẹsàn-án dì í mú, òun náà ò fi í sílẹ̀, bíi pé wọ́n jọ ń ja ìjàkadì. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, ó kù 20 ìṣẹ́jú, ìbéèrè 33 ló ṣe níbẹ̀. Ó sáré lọ sí Físíìsì, ó ṣe 17, ni aago bá parí, kọ̀ǹpútà sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè 70 ni ò dáhùn. Kẹ́mísìrì tó mọ̀ jù, kò tilẹ̀ ṣí i.

Ohun tá a ṣe ò ju pé a pín aago lọ. Àkókò tó ṣẹ́ kù ni aago yẹn máa ń kà, torí náà a kọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀ nígbà tó bá ń kúrò níbì kan: Gẹ̀ẹ́sì, 1:35; Kẹ́mísìrì, 1:10; Físíìsì, 0:40; Mátíìsì, 0:05. Mátíìsì ló kẹ́yìn torí òun ló máa ń gbé àkókò mì. Ìbéèrè tó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó fi í sílẹ̀ láìmú nǹkan kan. Àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ máa ń yí àwọ̀ tẹ́ ẹ bá ti dáhùn, torí náà èyí tí ò bá yí àwọ̀ á máa pè yín padà. Tẹ́ ẹ bá méfòó mú ọ̀kan, ó ti yí àwọ̀ nìyẹn, ẹ ò ní rántí ẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù ni kẹ́ ẹ wá fi mú ohunkóhun fáwọn tó ṣófo, torí JAMB kì í yọ máàkì fún èyí tẹ́ ẹ bá ṣì. Nígbà kẹta tó ṣe é, mẹ́fà péré ló ṣófo.

Ẹ má dá aago dúró tóúnjẹ bá dé. Ẹni tó ń fi fóònù nìkan múra, kó wá máòsì fọwọ́ kàn.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹfà ni, mi ò mọ̀ mọ́: ẹ mọ bọ́tìnì yín. A, B, C, D lẹ fi ń mú ìdáhùn. N ń gbé yín síwájú, P ń dá yín padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn, orúkọ iṣẹ́ náà lẹ máa tẹ̀. S kọ́ o! S ni ẹ ti fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ pátápátá, R ló sì ń mú yín padà tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti jẹ̀bi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ń dán áàpù wò, mo parí Gẹ̀ẹ́sì, mo tẹ S, mo rò pé yóò gbé mi lọ sí Físíìsì. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òdo, òdo, òdo ló tò sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi dúró lẹ́yìn. Títí dòní, tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ S."