Má béèrè "Ṣé ẹ ti rí ìwé náà?": àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí ìwé àdéhùn pẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà

Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. À ń yọ páànù tó ti dípẹtà, a sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú wa mọ̀ pé Ojúde Ọba ló ń pín ọdún fún wa. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú á ti Èkó àti òkè òkun wálé, régbérégbé á kóra jọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí òjò máa jò lé àlejò lórí nínú pálọ̀. Lọ́dún 2025, Sọ́ńdè 8 Oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Ilé kan tí mo ṣe fún ọdún yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ni mo ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ọjọ́. Mo fẹ́ parí ilé náà ní Sátidé 31 Oṣù Karùn-ún, kí àwọn akunlé lè rí ọjọ́ mélòó kan lò kí Iléyá tó dé. Iṣẹ́ ọjọ́ méjìlá ni, a kì í sì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè, torí náà Mọ́ńdè 19 ló yẹ ká gorí òrùlé. Ilé iṣẹ́ tó ń gé páànù fún wa máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, èyí gbé wa lọ sí Mọ́ńdè 12. Kí n tó lè sanwó fún wọn, ìwé àdéhùn tí oníbàárà ti fọwọ́ sí àti àsansílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi ní Fúráìdé 9. Mọ́ńdè 28 Oṣù Kẹrin ni mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Àlàájà tó gbé iṣẹ́ fún mi. Mo ní ọjọ́ mọ́kànlá. Mo rò pé ó ti tó.

Ní Fúráìdé tó tẹ̀lé e, mo kọ̀wé sí wọn lórí Wọ́sáàpù: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti rí ìwé náà?" Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Mo ti rí i o, Ẹ̀ńjìníà. Ẹ ṣeun." Ó parí síbẹ̀. Inú mi dùn pé wọ́n tètè dáhùn, n kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mo fún wọn láyè láti dáhùn kí wọ́n má sì ṣe nǹkan kan. Mo béèrè bóyá wọ́n rí i, wọ́n ní àwọn rí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" lásán lè tán kì í gbé ìwé kúrò lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ó tún ṣòro láti pa dà lọ lọ́jọ́ kejì, torí á dà bíi pé o ò gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Mọ́ńdè 5, mo tún kọ: "Mò ń retí yín o mà." Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́ sí mi. Àṣìṣe kejì nìyẹn, òun ni mo sì ń rí jù lọ́wọ́ àwa oníṣẹ́. A mọ ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ wọlé, a ti kà á lórí ìka, ṣùgbọ́n a ò sọ ọ́ jáde nítorí ìtìjú. A rò pé tí a bá dárúkọ ọjọ́ fún àgbàlagbà, a ti pàṣẹ fún un. Àlàájà kò sì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ páànù ń gba ọ̀sẹ̀ kan. Lójú tiwọn, iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 19, tí ìwé bá wọlé ní 17, ó ṣì yá. Ta ni yóò sọ fún wọn, bí kò ṣe èmi? Bí mo ṣe ń kọ ọ́ nísinsìnyí nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Kí páànù lè dé kí a sì gorí òrùlé ní Mọ́ńdè 19, ó yẹ kí n sanwó fún àwọn tó ń gé e ní Mọ́ńdè 12. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ojú ìwé kẹrin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi títí Fúráìdé 9. Tó bá kọjá ìgbà náà, iye ọjọ́ tó bá fi pẹ́ ni a ó fi sún iṣẹ́ síwájú. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ ká yí pa dà, ẹ sọ fún mi, màá pè yín nírọ̀lẹ́ òní."

Kò sí ìhàlẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ ń tẹ̀lé ọjọ́ ni, ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀. Ojú ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ìwé olójú mẹ́rin lè da àárẹ̀ sí ẹni tó ń fi fóònù kà á láàárín ọjà. Àmọ́ má ṣe parọ́ ọjọ́ o. Mo ti rí oníṣẹ́ tó sọ ọ̀túnla fún oníbàárà nígbà tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà. Nígbà tí ọ̀túnla kọjá tí nǹkan kan kò bàjẹ́, oníbàárà kò gba ọjọ́ kankan lẹ́nu rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé òwe sórí sítátọ́ọ̀sì nípa "àwọn oníbàárà kan tí kò mọyì àkókò", ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe é. Oníbàárà yẹn wà lára àwọn tó ń wo sítátọ́ọ̀sì yín. Mo yọ tèmi kúrò lẹ́yìn wákàtí kan, àbúrò Àlàájà sì ti rí i.

Tọ́sìdè 8 ni mo tó gbé fóònù. N kò béèrè ìwé rárá. Mo kí wọn, mo béèrè ara, mo wá ní: "Ẹ̀yin mà, kí ló wà nínú ìwé yẹn tí kò tẹ́ yín lọ́rùn?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀ńjìníà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kó páànù àti igi àtijọ́ lọ."

Ẹsẹ kẹjọ ni wọ́n ń sọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, páànù àti igi tí a bá tú sílẹ̀ ń mówó wọlé, ọ̀pọ̀ káfíńtà ló sì ń kà á mọ́ owó iṣẹ́ wọn. Mo ti ń kọ ẹsẹ yẹn fún ọdún púpọ̀, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àlàájà fẹ́ páànù náà, ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́ kí n má baà rò pé ahun ni wọ́n. Èyí tó tún le jù ni pé ilé bàbá wọn ni. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ni dáwódù, òun ló máa san ìdajì owó, Àlàájà kò sì lè dá fọwọ́ sí i láìsí tirẹ̀. Orúkọ Àlàájà nìkan ni mo kọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń lé ẹni tí kò lè dá fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, kí o tó kọ ìwé ni kí o ti béèrè ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, pàápàá nílé ẹbí. Bí o bá gbàgbé, tí o wá mọ̀ ọ́n nígbà tó ti pẹ́, má ṣe fo ẹni tó gbé ọ débẹ̀ kọjá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nọ́ńbà dáwódù lọ́wọ́ ẹlòmíì kí n sì pè é fúnra mi. Ká ní mo ṣe é, n bá ti fi Àlàájà hàn bí ẹni tí kò lè ṣe nǹkan lójú ẹ̀gbọ́n wọn. Mo bẹ̀ wọ́n dípò bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n so wá pọ̀, wọ́n sì ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo yí ẹsẹ kẹjọ pa dà: páànù àtijọ́ di ti onílé, igi tó ti jẹrà ni èmi yóò kó dànù. Níbí ni àṣìṣe mìíràn ti wọlé. Mo fi fáìlì tuntun náà ránṣẹ́ láìsọ nǹkan kan, orúkọ kan náà ló sì ń jẹ́ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Dáwódù tẹ èyí àtijọ́ jáde, ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́ ní Sátidé. Mo ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tún un fọwọ́ sí. Ní báyìí, ọjọ́ máa ń wà nínú orúkọ fáìlì mi, mo sì máa ń kọ gbólóhùn kan mọ́ ọn: "Ẹsẹ kẹjọ nìkan ló yí pa dà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pa èyí tó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́."

Ó ní òun kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé, pé ó di Túsìdè kí òun tó dé ọ́fíìsì. Mo gbà, torí mo rò nígbà náà pé bébà nìkan ló lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 93, gba ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ wọlé. Ìwé àtúnṣe òrùlé kò sì sí lára àwọn ìwé bí ìwé ìhágún tí òfin mìíràn yọ sílẹ̀. Ó lè fi ìka fọwọ́ sí i lórí fóònù kó sì fi ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá jẹ́ bébà ni oníbàárà fẹ́, kó ya àwòrán gbogbo ojú ìwé, kì í ṣe èyí tí ó fọwọ́ sí nìkan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ẹsẹ kẹjọ kò rí báyìí nígbà náà.

Túsìdè 13 ni ìwé wọlé. Mo sanwó páànù ní Wẹ́sìdè 14, ó dé ní 21, a sì gorí òrùlé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjì tí a pàdánù níwájú di ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn, torí Sọ́ńdè bọ́ sáàárín. Túsìdè 3 Oṣù Kẹfà la parí. Ọjọ́ méjì péré ló kù fún akunlé kí Iléyá tó bẹ̀rẹ̀ ní Fúráìdé. Wọ́n kun iwájú ilé, wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀.

Àṣìṣe kan tí n kò ṣe ni èyí tí Àlàájà fúnra wọn fi lọ̀ mí ní Fúráìdé 9: "Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ná, ìwé ń bọ̀." Káfíńtà kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ní Ṣàgámù. Ó tú páànù sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò sanwó, òjò dé. Gbogbo sílíǹgì ilé náà ló wó, òun ni wọ́n sì ní kó tún un ṣe, torí kò sí ìwé tó sọ pé ẹnì kan pàṣẹ fún un. Ohun tí mo ṣe ní tèmi ni pé mo lọ wọn òrùlé, mo ka igi, mo ya fọ́tò àwọn ibi tó ń jò. Àwọn iṣẹ́ tí kò ní bà mí lọ́kàn jẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá forí ṣánpọ́n nìyẹn. N kò fọwọ́ kan ìṣó kan.

Mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Àlàájà ti fi páànù àtijọ́ náà bo ilé adìẹ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ibì kan ń jò.