Ìlà kan nínú ìkéde ẹ̀dà tuntun tó fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́

"Gbogbo owó yín wà bó ṣe wà." Ìlà tí mo kọ nìyẹn nígbà tí mo ń kéde ẹ̀dà 2.0.0 áàpù tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi ń kọ owó sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ìyà rẹ̀, mi ò sì rójú sùn.

Ẹ̀dà náà yọ nǹkan méjì kúrò. Ọ̀kan ni rìsíìtì orí atẹ̀jíṣẹ́, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ owó lápò ẹgbẹ́. Èkejì ni bọ́tìnì tí akápò fi ń pa owó tí wọ́n ti kọ rẹ́. Ní báyìí, bí wọ́n bá ṣi owó kọ, wọ́n á kọ òmíràn tó máa yọ ọ́ ni, kí ẹni tó bá yẹ ìwé wò lè rí àṣìṣe náà àti àtúnṣe rẹ̀.

Kíkó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé ló ṣòro. Orúkọ la fi ń dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀; nínú ẹ̀dà tuntun, nọ́ńbà ni. Mo ní láti fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí n sì kó owó rẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Mo ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, mo kó o, mo ro owó pọ̀. Iye ti àtijọ́ àti ti tuntun bára mu dé kọ́bọ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo bá fi ìkéde ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá kan pè mí. "Ọmọ mi, ₦100,000 ni mo ní. ₦40,000 ni mo rí níbí. Ibo ni ìyókù gbà?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní wákàtí kan." Àwọn mìíràn ti ń pè kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo wá orúkọ ìyá náà, "Bọ́lá", nínú àkọsílẹ̀: méjì ló jáde, wọn ò yàtọ̀ rárá lójú. Wákàtí kan lọ, mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà ka gígùn wọn ni àṣírí tú:

```python
>>> [len(n) for n in oruko]
[5, 7]
```

Kò sí àmì kan ṣoṣo tó dúró fún "ọ́" nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Fóònù akápò kọ "ọ" odindi, ó wá fi ohùn òkè lé e. Kọ̀ǹpútà akọ̀wé kọ "o" lásán, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ó tún fi ohùn òkè sí i. Ó ya "á" náà sí méjì. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ máa ń bọ́ gbogbo àmì kúrò kó tó wá orúkọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n mọ̀. SQLite tí ẹ̀dà tuntun fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ka èèyàn kan sí méjì, ó sì pín owó rẹ̀. Àròpọ̀ owó kò lè fi èyí hàn láéláé. Bí mo bá ka orí èèyàn ni, ǹ bá ti rí i: 214 ló wọlé, 231 ló jáde.

Mi ò lè padà sí ẹ̀dà ìpamọ́, nítorí àwọn èèyàn ti san owó sínú èyí tuntun. Inú rẹ̀ náà ni mo ti tún un ṣe, mo sọ ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n gbà kọ àmì di ọ̀kan:

```python
orúkọ = unicodedata.normalize("NFC", orúkọ)
```

Méjìlá padà sọ́dọ̀ ẹnì kejì wọn lójú ẹsẹ̀. Ó ku márùn-ún, àwọn tí wọ́n kọ láìlámì, bí "Bola". Àwọn wọ̀nyẹn ni mi ò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọwọ́ kàn, torí èèyàn méjì lè jẹ́ "Bola" lóòótọ́. Èmi àti akọ̀wé ṣí ìwé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń kọ ọ́ lọ́wọ́, a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù, mo sì fi ìyẹn yangàn.

Bí mo bá tún un ṣe, ohun tí a yọ ni máa kọ́kọ́ kọ, kí n tó dárúkọ ohun tuntun kankan. Akápò wá bọ́tìnì yẹn títí kó tó bínú pè mí. Mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣèlérí pé owó wà bó ṣe wà. Ìkéde 2.0.1 bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ wo iye owó yín lónìí, kí ẹ fi wé rìsíìtì yín tó kẹ́yìn. Bí kò bá dọ́gba, ẹ pè mí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀dà ìpamọ́ ti àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ dáhùn: "₦100,000. Mo ti rí i."