Àpò kan fún nọ́ńbà ìbéèrè kan

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣa ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má da gbogbo ìbéèrè sójú kan. Ẹ ṣí àpò kékeré kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ó máa mú ẹyọ kan péré nínú rẹ̀. Lórí Moodle, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ́ni tí a sì fi ń ṣe ìdánwò, `Category` ni àpò náà. `a random question` ni ẹ ó sì fi mú un wọ inú ìdánwò. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lójú kan, ìbéèrè líle mẹ́fà lè já mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn rí ẹyọ kan. Inú àpò ni iṣẹ́ gidi wà: ìmọ̀ kan náà ni kí ìbéèrè inú rẹ̀ wádìí, kí ìgbésẹ̀ wọn sì dọ́gba. 20% nínú 150 àti 30% nínú 250 lè jọ wà pọ̀. 17.5% nínú 236 kò bá wọn mu. "30 jẹ́ 20% iye wo?" náà kò bá wọn mu, bó tilẹ̀ jọ wọ́n, torí ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Àpò 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbéèrè 4 nínú ti tó. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì kì í sábà pàdé lórí ìbéèrè tó ju bí 2 tàbí 3 lọ. Àmọ́ ohun tó dọ́gba lójú wa lè má dọ́gba lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ wo ìdá àwọn tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bó ṣe tọ́; bí ọ̀kan bá jẹ́ 80% tí èkejì jẹ́ 45%, ẹ yọ ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 20 péré, bí ènìyàn 5 ló máa kan ìbéèrè kan, ìyẹn kò tó láti fi ṣèdájọ́.