Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ àti pẹ́dà tó wọlẹ̀

Ìbéèrè: Bí ẹrù bá pọ̀ lórí ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnì á máa ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sáré. Kí ló fà á?

Díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Ó lè ti jẹ tán, tàbí kí òróró ẹ́ńjìnì ti kán sí i. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá ń wakọ̀: ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ lé e, tí wọ́n sì ń sẹ́.

Ìbéèrè: Pẹ́dà wọlẹ̀, kò padà sókè.

Bí òróró bíréèkì inú ìkòkò kílọ́ọ̀ṣì bá ti lọ sílẹ̀, ẹ wá ibi tó ti ń jò kí ẹ tó da òmíràn sí i. Bí òróró bá pé, tí kò sì sí ibi tó ń jò, àmọ́ tí pẹ́dà ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, rọ́bà inú kílọ́ọ̀ṣì òkè, èyí tí pẹ́dà ń tì láti ti òróró sínú páìpù, ni kí ẹ fura sí. Títú afẹ́fẹ́ jáde léraléra kò ní wò ó sàn. Ní ti ọkọ̀ tó ń lo wáyà, ẹ wò bóyá wáyà ti já.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ díìsìkì, ó tún ń yọ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Gbogbo ènìyàn ló ń di ẹ̀bi ru ọjà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wo kílọ́ọ̀ṣì òkè rárá. Bọ́ọ̀sì akérò kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin dà mí láàmú nítorí èyí. Kì í yọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, tí èrò sì kún inú rẹ̀, kò ní lè gun òkè mọ́. Díìsìkì tuntun ni wọ́n fi sí i, kò sì sí òróró lára rẹ̀.

Nígbà tó ń yọ̀ lọ́wọ́, mo pa ẹ́ńjìnì, mo sì tú nọ́ọ̀tì tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde lára kílọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀, èyí tí òróró inú páìpù ń tì láti tú díìsìkì sílẹ̀. Òróró tú jáde pẹ̀lú agbára, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Nígbà tí mo dé e padà tí mo sì wa ọkọ̀ náà, kò yọ̀ mọ́, títí tí mo fi tẹ pẹ́dà ní ìgbà mélòó kan tí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ihò kékeré kan wà nínú kílọ́ọ̀ṣì òkè, tí òróró máa ń gbà padà sínú ìkòkò nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹnì kan ti fa ọ̀pá tó so pẹ́dà mọ́ písítìnnì inú kílọ́ọ̀ṣì òkè náà gùn, kí pẹ́dà lè ga sókè dáadáa, nítorí náà písítìnnì kò lè padà sẹ́yìn tán, ihò náà sì wà ní dídí. Òróró tó há sínú páìpù ń fẹ̀ bí ooru ẹ́ńjìnì ti ń bà á, ó sì ń ti kílọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà. Mo dín ọ̀pá náà kù títí pẹ́dà fi ń mì díẹ̀ sí ìka ọwọ́ kí ó tó kan písítìnnì. Wàhálà náà tán.

Bí pẹ́dà yín bá ti ń mì bẹ́ẹ̀ tí òróró sì ṣì ń há, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà páìpù ti wú nínú, tàbí kí ẹnì kan ti da òróró ẹ́ńjìnì sí ibi tó yẹ kí òróró bíréèkì wà. Bí èyí kejì bá ni, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni ẹ máa pààrọ̀. Àmọ́ bí títú nọ́ọ̀tì náà kò bá yí ohunkóhun padà, ibi tí díìsìkì wà, láàárín ẹ́ńjìnì àti àpótí jíà, ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láti tú.