Àṣìṣe asáré: wíwo àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ láìwo eré tó gùn jù

Aránṣọ kan wà lára àwa tí a máa ń sáré ní ìdájí ní Kétu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Pobè. Kì í fi eré sísá ṣeré rárá. Gbogbo ohun tó bá sá ló ń kọ sínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí: iwájú ìwé ni ti aṣọ, ẹ̀yìn ìwé ni ti eré. Nígbà tí ojúgun ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìwé yẹn ló gbé wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Mi ò ṣe ju agbára mi lọ. Kilomítà kan péré ni mo fi kún un."

Kò parọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú, ó sá kilomítà 30, 32, 31 àti 33. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó sá 34. Láti 33 sí 34, àfikún náà kò ju nǹkan bí 3% lọ, gbogbo wa la sì ti gbọ́ òfin tó ní kí asáré má ṣe fi ju 10% kún kilomítà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Ojú ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ohun tó wà nínú ọ̀sẹ̀ náà ni kò mọ́. Ìgbà mẹ́rin ló máa ń sáré lọ́sẹ̀, nínú gbogbo oṣù yẹn sì rèé, eré tó gùn jù tó sá kò kọjá kilomítà 12. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, aṣọ ẹbí tí àwọn kan fẹ́ lò fún ìnáwó gba àkókò rẹ̀. Ó sá 4, ó sá 6, ó tún sá 6. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó rí i pé àròpọ̀ rẹ̀ fẹ́ já wálẹ̀, ó sá 18 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè dí àlàfo náà. Láti 12 sí 18, ìdajì ló fi lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wo àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ nìkan, kò lè rí i láé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ni mo sì kà sí bàbá àwọn yòókù. Ní ọdún 2025, àwọn olùwádìí kan tí olórí wọn wà ní Dẹ́máàkì gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí asáré 5,205 jáde. Oṣù 18 ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn nípasẹ̀ aago ọwọ́ tó ń ka ìrìn, eré tí wọ́n sì yẹ̀ wò lé ní 588,000. Wọ́n fi eré kọ̀ọ̀kan wé èyí tó gùn jù tí asáré náà sá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Níbi tí eré ọjọ́ kan bá ti fi 10% sí 30% ju èyí tó gùn jù lọ, ìpalára ń ṣẹlẹ̀ ní 64% ju ti ẹni tí kò kọjá 10% lọ. Níbi tí eré náà bá ti ju ìlọ́po méjì èyí tó gùn jù lọ, ìpalára lé ní ìlọ́po méjì ti ẹni yẹn. Àárín méjèèjì, láti 30% dé ìlọ́po méjì, níbi tí aránṣọ wa bọ́ sí, fi 52% ju ti ẹni yẹn lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe àkàsọ̀ tó ń gòkè déédéé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa fi nọ́ńbà yẹn bá ara rẹ̀ dúnàádúrà. Ohun tó jẹ mí lógún jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀, wọn kò rí i pé àfikún àròpọ̀ ń fa ìpalára púpọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ ọkùnrin, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí gbogbo wọn sún mọ́ 46, ìwádìí irú èyí sì ń fi ohun tó ń rìn pọ̀ hàn ni, kò fi dandan sọ ohun tó fà á. Síbẹ̀, ó tó ohun tí èèyàn fi í tún ìwé rẹ̀ tò.

Òfin 10% tí a ń pa mọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kúkú ti gbé ìdánwò rí. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Nẹ́dálándì pín àwọn asáré tuntun sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un bí òfin ṣe wí, àwọn kan ń tẹ̀ lé ètò tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló fara pa, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ pàápàá, ti kàlẹ́ńdà ni, kì í ṣe ti eegun. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ máa ń bá wa sáré, ọjà tó sì ń ná jẹ́ ti ọrọọrún. Ọjọ́ mẹ́ta léra ló fi ń sá kilomítà 6, ó ń sinmi lọ́jọ́ ọjà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò yí i padà rí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ọjọ́ méje kà á, ọ̀sẹ̀ tí ọjà bọ́ sí ìgbà méjì á fún yín ní 30, èyí tí ọjà bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan á fún yín ní 36. Ìwé á ní ó fi 20% kún un, ẹsẹ̀ ìyá náà kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe kejì: kíka eré àtijọ́ mọ́ ti ìsinsìnyí. Ẹni tó sá 18 kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀, tó lo oṣù kan ààbọ̀ láìsáré, á dìde, á sì wí nínú ara rẹ̀ pé ẹni kilomítà 18 ni òun. Ó ti di ìtàn. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, bóyá kilomítà 5 tó fi bẹ̀rẹ̀ padà ló gùn jù tó sá. Bó bá lọ sá 12, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú tirẹ̀ eré kékeré ni. Kíkà náà ní àlébù tirẹ̀ o. Bí ibà bá gba ọ̀sẹ̀ méjì péré, eré 18 ṣì wà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ìṣirò á sì ní kó máa lọ. Ìṣirò kò mọ̀ pé ibà ṣe é. Lẹ́yìn àìsàn, ìdajì èyí tó gùn jù ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀, mi ò sì dúró de ìwé kankan.

Àlébù kejì ni èyí tó mú aránṣọ wa gan-an. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé 18 yẹn, ó tún sá 16. Lójú òfin, kò sí ẹ̀sùn, nítorí 16 kò tó 18. Bẹ́ẹ̀, 18 yẹn fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe, a kò sì lè fi àṣìṣe ṣe òṣùwọ̀n. Bí mo bá sá eré kan tó fò kọjá ààlà, mo máa ń fa igi lé e nínú ìwé, n ó sì padà sí èyí tó gùn jù ṣáájú rẹ̀. Láti 12, ọ̀nà tó lọ sí 18 láìkọjá 10% ni 13, 14, 15, 16.5, 18. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, tí èèyàn bá ń sá eré gígùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Àwọn tó ní aago ọwọ́ ní àṣìṣe tiwọn. Àwọn aago kan àti àwọn ohun kan tí a ń gbé sórí fóònù máa ń fi ọ̀sẹ̀ yìí pín pẹ̀lú ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á sì fi àwọ̀ ewé hàn tó bá wà láàárín 0.8 sí 1.3. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Tíìmù Gábẹ́ẹ̀tì ló mú kí ìpín yìí gbajúmọ̀ ní 2016, inú eré àwọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ bíi kíríkẹ́ẹ̀tì àti rọ́gíbì ló sì ti fa ẹ̀rí rẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ ká fi ti aránṣọ wa dán an wò: ìpíndọ́gba 30, 32, 31 àti 33 jẹ́ 31.5, 34 pín sí 31.5 jẹ́ 1.08. Àwọ̀ ewé tútù! Ojúgun rẹ̀ sì ń ro ó.

Kílómítà náà kò dọ́gba pẹ̀lú ara wọn, n kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tó ń gun àwọn òkè olókùúta Sábẹ̀ àti ẹni tó ń sá lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ létí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ kò gbé ẹrù kan náà. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ fi sáré, ẹ fi 0 dé 10 sọ bó ṣe le tó lára yín, kí ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀. Ìṣẹ́jú 50 tó le ní 4 jẹ́ 200. Ìṣẹ́jú 50 kan náà lábẹ́ oòrùn, tó le ní 7, jẹ́ 350.

Kí ló dé tí ara kì í fi í tètè sọ fúnni? Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ́ra: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èémí á ti ń jáde wẹ́rẹ́, asáré á sì rò pé gbogbo ara rẹ̀ ló ti mọ́ ọn. Eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù tuntun bá dé bá a, ara á kọ́kọ́ họ èyí tó ti gbó nínú eegun kúrò, bí ẹni tó ń tún ògiri alámọ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ni á tó mọ tuntun dípò. Híhọ náà gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mímọ tuntun gba oṣù. Láàárín méjèèjì, eegun náà kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, àsìkò yẹn gan-an sì ni èémí ń dùn jù.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn eré 18 ni ìrora aránṣọ wa bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ní ìparí eré nìkan ni. Lẹ́yìn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di pé ó ń dùn ún nígbà tó bá ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó tún ń jí i lóru, mo ní kó fi ìka kan ṣoṣo hàn mí ibi tó ti ń dùn. Ìka náà bọ́ sójú kan, kò ju owó ẹyọ lọ. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé etí inú ojúgun ló ń dùn gba gígùn bí ìbú ọwọ́ kan, ó sábà máa ń jẹ́ ti ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun, dídín eré kù sì lè tó. Bí ó bá jẹ́ ojú kan pàtó lórí eegun, kí asáré dúró lọ́jọ́ náà, kó lọ rí dókítà, nítorí ó lè jẹ́ pé eegun ti sán.

Àṣìṣe tó kù níbẹ̀ ni gbígba fọ́tò eegun gbọ́ jù. Wọ́n ya tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò fi nǹkan kan hàn, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́ sáré lọ́jọ́ kejì. Sísán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà hàn nínú fọ́tò títí á fi tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí eegun tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù yí i ká. Wọ́n tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlà náà sì wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi sinmi eré. Nígbà tó fẹ́ padà, òfin 10% kò wúlò fún un, nítorí 10% nínú òfo, òfo ni. Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 30 títí tí kò fi dùn ún mọ́, lẹ́yìn náà ó ń sáré ìṣẹ́jú kan, ó ń rìn méjì. Ó ti fa ìlà tuntun sẹ́yìn ìwé rẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àròpọ̀ ọ̀sẹ̀, tó kọ "èyí tó gùn jù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́" sí lórí. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kilomítà 3.