Bí mo ṣe ya ìlẹ̀kẹ̀ pupa orí okùn kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Lójú lásán, irú kan náà ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn yìí: pupa, kéékèèké. Ẹ̀yà mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Mo tú okùn náà, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ wọ́n, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ fọ inú ihò. Má fo ibi ihò yẹn o. Òógùn àti òróró ara tó ti gbẹ síbẹ̀ máa ń sọ dígí funfun di àwọ̀ ìyeyè, èèyàn á sì kà á sí oríṣi mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpín kìíní pupa ṣíṣú, iná kò gbà á kọjá, ṣùgbọ́n etí ihò fi hàn pé àwọ̀ ewé ni dígí tó wà nínú. Bàbà ló sọ dígí ìta rẹ̀ di pupa. Ìpín kejì pupa gaara, iná ń wọ̀ ọ́, inú rẹ̀ sì funfun gbòò. Funfun yẹn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tí pupa tínrín orí rẹ̀ fi ń tàn. Oní-inú-ewé ló ṣáájú; nǹkan bí ọdún 1830 ni oní-inú-funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀.

Àwọ̀ nìkan kò tó, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló kù. Nínú ìpín méjèèjì yìí, afẹ́fẹ́ wínníwínní tó há sínú dígí gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tò lọ bí ihò ṣe lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ fífà nìyẹn: wọ́n fa dígí gbígbóná tó ní ihò nínú di ọ̀pá gígùn, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì yí i nínú iná kí etí rẹ̀ lè kúnná. Ìpín kẹta náà ní inú funfun, àmọ́ ó tóbi jù, ilà ara rẹ̀ sì yí ihò ká. Wíwé ni èyí, wọ́n wé dígí yíyọ́ mọ́ ọ̀pá irin lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìpín kẹrin ló máa ń tan àwọn èèyàn jù. Pupa ni tinú-tòde, iná kò wọ̀ ọ́. Àmì rẹ̀ ni àmùrè tó yọ díẹ̀ láàárín ara, orí kan dán, èkejì rí págunpàgun bí awọ ọsàn. Ìyẹ̀fun amọ̀ ni wọ́n tẹ̀ nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó sun ún. Ọdún 1840 ni Richard Prosser gba ìwé àṣẹ ọ̀nà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dàgbà ju ìgbà náà lọ.

Bí ara wọn ṣe jẹ ni mo wò kẹ́yìn, torí inú funfun nìkan kò fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ ti gbó: wọ́n ṣì ń ṣe oní-inú-funfun wọ ọ̀rúndún 20. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń gbo ara wọn, ìyẹn orí méjèèjì, ló yẹ kó pàdánù dídán, kí okùn sì ti jẹ etí ihò. Díẹ̀ nínú ìpín kejì ṣá bákan náà yíká, títí dé inú kòtò kéékèèké tí ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn kò lè kàn, etí ihò wọn sì mú ṣáṣá. Ásíìdì tí wọ́n fi ń mú kí ìlẹ̀kẹ̀ tuntun dà bí ògbólógbòó ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yọ wọ́n sápá kan, n kò kọ ọjọ́ orí kankan sí wọn.